Fíìmù wo la lè jọ wò lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí èmi àti ọmọbìnrin kan ti ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, a sì fẹ́ fojú kanra ní sinimá lọ́jọ́ Sátidé, ní Ìbàdàn níbí. Mi ò fẹ́ fíìmù tí wọ́n á ti máa bọ́ṣọ, mi ò sì fẹ́ èyí tó máa bà wá nínú jẹ́. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, nọ́ńbà ọjọ́ orí tó wà lára fíìmù ni kó o kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n má gbára lé òun nìkan. NFVCB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, ló ń fún wọn: G, PG, 12, 12A, 15 àti 18. Tó o bá ti rí 18, fò ó kọjá. Àwọn tó kù ló máa ń tan èèyàn jẹ, torí ohun tí kò yẹ kí ọmọdé rí ni àjọ náà ń wá. Ti àgbàlagbà méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mojú ara wọn ò sí nínú ìṣirò wọn. Fíìmù tí ìyá arúgbó kan fi ń kú lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lè gba PG, ìyẹn èyí tí ọmọdé lè wò bí òbí bá ń tọ́ ọ sọ́nà, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tí màá ní kó o bi ara rẹ ni pé: tá a bá jáde, kí ni fíìmù yìí máa mú ká sọ? Mú The Wedding Party tí Kẹ́mi Adétiba darí lọ́dún 2016. Aláwàdà ni, àwọn òṣèré ẹ̀ mọṣẹ́, èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wo ohun tó wà nínú ẹ̀: ìyàwó tí kò tíì mọ ọkùnrin, ọkọ tó ti fìgbà kan jẹ́ oníṣekúṣe, bàbá ọkọ tó ń yan àlè, ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́ tó wá dá wàhálà sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó. Ẹni tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí lójú lo fẹ́ bá jókòó ti gbogbo èyí? Bí tọkọtaya bá fẹ́ wò ó, kò sóhun tó burú. Tìrẹ kò tíì débẹ̀.

Fi Phone Swap wé e, tí Kúnlé Afọláyan ṣe lọ́dún 2012. Màríà aránṣọ àti Akin, ọ̀gá olówó tó ń gbéra ga, kọlu ara wọn ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì gbé fóònù ara wọn lọ. Nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn, obìnrin dé Àbújá, ọkùnrin bá ara rẹ̀ ní Òwerrì, oníkálùkù wá ń bá ẹnì kejì ṣe iṣẹ́ tó gbé e jáde. Ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́ wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló gbé ìtàn ró. Tẹ́ ẹ bá jáde, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀: "Ká ní fóònù mi bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, ta lo rò pé ó máa kọ́kọ́ pè?" Àwàdà tó ti inú àṣìṣe wá, tí kò tinú yàrá wá, ni kó o máa wá.

Sinimá kò ní máa gbé èyí lọ́wọ́ báyìí, nítorí náà, wá irú ẹ̀ nínú tuntun tó wà níta. Tẹ orúkọ fíìmù sí IMDb, ìkànnì tó ń kó ìsọfúnni nípa fíìmù jọ, kó o ṣí Parents Guide. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ìhòòhò, ìjà àti èébú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé fíìmù ilé wa sábà máa ń ṣófo níbẹ̀, pàápàá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Má fi ìpolówó ẹ̀ rọ́pò, nítorí ibi tó pani lẹ́rìn-ín nìkan ni wọ́n máa ń já sínú ìyẹn. Pe sinimá náà, tàbí kó o béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Má bi í pé ṣé ó dùn. Gbogbo ẹ̀ ló máa ní ó dùn. Bi í pé: "Ṣé ẹ lè bá ìyá ìyàwó yín jókòó wò ó?" Tó bá rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, yan òmíràn.

Èyí tí kò bá ju wákàtí méjì lọ ni kó o mú, kó jẹ́ ti aago 1 tàbí 2 ọ̀sán, kẹ́ ẹ lè ráyè jẹun kílẹ̀ tó ṣú. Tí ibi tó ń tini lójú bá ṣì yọ lójijì, má bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ nínú òkùnkùn, ìyẹn ló ń sọ ọ́ di ńlá. Na gúgúrú sí i, kẹ́ ẹ máa wò ó lọ.