Nígbà tí ọkọ bá yàn ọ́ lódì lẹ́yìn ìjà

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Bí èmi àti ọkọ mi bá ti jà, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni yóò fi yàn mí lódì. Ẹ̀rù á máa bà mí pé ó fẹ́ fi mí sílẹ̀, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, ọdún mẹ́rin ni èmi náà fi jẹ irú ìyà yìí.

Èyí tó le jù ni ti owó ilé. Ọkọ mi mú 40,000 náírà nínú owó tí a ń kó jọ, ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ láìsọ fún mi. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbọ́. Mo pariwo, òun náà pariwo, ló bá dákẹ́ lójijì, ó gbé ìrọ̀rí, ó lọ sùn sí pálọ̀. Títí di Sátidé, kò dá mi lóhùn. Ní Ọjọ́rú nìkan, ìgbà 19 ni mo pè é níbi iṣẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ ní aago méjì òru. Bí mo ṣe ń lé e ló ń jìnnà sí mi.

Ìyá àgbà kan tó ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló là mí lójú. Ó sọ fún mi nípa John Gottman, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó máa ń so ẹ̀rọ mọ́ àwọn tọkọtaya lára láti mọ bí ọkàn wọn ṣe ń lù bí wọ́n bá ń jiyàn. Ó ní bí ọkàn ènìyàn bá ti ń lù ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ létí mọ́. Kò lè dín ní 20 ìṣẹ́jú kí ara náà tó rọlẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò bá tún tọ́ ọ. Èmi sì rèé, gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún ni mò ń tọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n 20 ìṣẹ́jú kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tó kù, ìtìjú ni. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó yá pé òun ò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àti pé bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ó ń wúwo sí i.

Ẹ̀rù tèmi ńkọ́? Mo jẹ́ ọmọ ọdún 7 nígbà tí màmá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní, "Mo ń bọ̀." Ọdún méjì ni mo fi ń jókòó sórí àga, tí mò ń wo ojú títì. Bí ọkọ mi bá ti dákẹ́, orí àga yẹn ni mo tún padà sí. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ ni pé, ìbáà ṣe tìtorí owó ilé ni a jà, ìbáà ṣe tìtorí iyọ̀ ọbẹ̀, bákan náà ni ẹ̀rù ọ̀hún ṣe máa ń tóbi. Ìwọ náà, fi wọ́n wé ara wọn. Bí ìjà bá kéré tí ẹ̀rù ò kéré, ẹ̀rù yẹn ti wà nílẹ̀ kí ọkọ rẹ tó dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, tí a jẹun yó, tí kò sí ìjà, ni mo sọ ti Ìsẹ́yìn fún un. Kò gbọ́ ọ rí. Ọjọ́ yẹn la ṣe àdéhùn: ó lè dìde kúrò nídìí ìjà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dá aago tí yóò padà wá sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá alẹ́ ọjọ́ kejì. Èmi náà, títí aago yẹn yóò fi lù, n ò gbọ́dọ̀ pè é, n ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ohun tó bá ń gbóná lọ́kàn mi, inú ìwé ni kí n kọ ọ́ sí. Nígbà àkọ́kọ́, ó dá aago mẹ́jọ alẹ́, ó pẹ́ ní 40 ìṣẹ́jú. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́fà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹyọ kan ni mo kà fún un. Ó gbà wá tó ọdún kan kí ọjọ́ mẹ́rin tó di òru kan.

Jọ̀ọ́, fi ọkàn sí èyí o. Bí ó bá ń bá gbogbo ará ilé rẹ́rìn-ín tí ìwọ nìkan ń jẹ odì, tí ó ń dá owó oúnjẹ dúró, tí kì í sọ̀rọ̀ àfi tí o bá tọrọ àforíjì ohun tí o kò ṣe, ìyà ló fi ń jẹ ọ́. Dídá aago kò ní wo ìyẹn sàn. Sọ fún àgbà tí ọkọ rẹ ń bẹ̀rù, tí yóò sì dúró tì ọ́, kí o sì mọ ibi tí owó tìrẹ wà. Bí ó bá ti ń na ọwọ́ sí ọ, má dúró de àgbà kankan, kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, a jà lórí ọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà: "Mo ń bọ̀. Aago mẹ́sàn-án." Mo sùn lọ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Òun ló wá jí mi.