Ìdí tí ìtọ̀ kò fi lè ṣan E. kólì dànù

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́jọ tí ìtọ̀ ń ta mí. Ìdánwò ní E. kólì ni. Mò ń mu omi dáadáa, mi ò sì í pa ìtọ̀ mọ́ra. Kí ló dé tí ìtọ̀ ò fi lè ṣàn án jáde? Wọ́n tún ní kí n máa lo ìyẹ̀fun ṣúgà mánósì. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira, mà. Ẹ fi owó yín pamọ́ ná; mi ò ní í ní kí ẹ ra mánósì.

Bakitéríà E. kólì yìí kéré débi pé, tí ẹ bá to 500 rẹ̀ tẹ̀ léra, gígùn wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Síbẹ̀ ó lè hu irun tín-ín-tín tó lé ní ọgọ́rùn-ún yí ara rẹ̀ ká. Ṣóńṣó irun kọ̀ọ̀kan ní puroteéènì kan tó máa ń di mánósì mú, mánósì yìí sì wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú àpòòtọ̀. Ibi tó ya èèyàn lẹ́nu nìyí: bí ìtọ̀ bá ṣe ń fà á tó ni puroteéènì yẹn ṣe ń dì í mú tó, bí ìwọ̀ tó ń wọlé sí i bí ẹja bá ṣe ń jà. Irun náà fúnra rẹ̀ ká bíi wáyà. Tí ìtọ̀ bá fà á, yóò tú, yóò gùn sí i, kò ní já. Tí ìtọ̀ bá dúró, ìdìmú náà á dẹ̀, kòkòrò náà á sì lè sún síbòmíràn. Àsìkò tí ẹ ń tọ̀ gan-an ló di ara yín mú jù.

Èyí ò sọ pé omi ò wúlò o. Àwọn tí kò tíì rí ibi dì mú, ìtọ̀ á gbé wọn lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, àwọn obìnrin tí kì í mu omi púpọ̀ tẹ́lẹ̀ fi lítà kan ààbọ̀ kún omi tí wọ́n ń mu lóòjọ́, àrùn náà sì dín kù sí nǹkan bí ìdajì láàárín ọdún kan. Ẹ̀yin ti ń mu ún ní tiyín, ìṣòro yín kì í ṣe ti omi.

Irun yẹn léwu fún kòkòrò náà pẹ̀lú. Mánósì wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbé bakitéríà mì, nítorí náà irun kan náà lè so ó mọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ní apá kékeré kan nínú DNA rẹ̀ tó lè yí padà: bó bá kọjú síhìn-ín, irun á hù, bó bá kọjú sọ́hùn-ún, irun ò ní hù mọ́. Nínú ìtọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ lè rí onírun àti aláìnírun pọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní ìbòrí ṣúgà. Èyí tí a ń pè ní K1 jọ ṣúgà tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ara tiwa débi pé ètò àjẹsára ara kì í tètè fura sí i. Àwọn puroteéènì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ kòkòrò kí sẹ́ẹ̀lì funfun lè mọ ẹni tí yóò gbé mì kì í rí ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ìbòrí bá nípọn jù, ó lè bo irun mọ́lẹ̀ tí kò fi ní lè di nǹkan mú. Nítorí náà, kò sí èyí tó máa ń lò nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn tó bá ti dì mọ́ ara, ó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì àpòòtọ̀ lọ, kó máa bí sí i níbẹ̀ títí yóò fi di òkìtì láàárín wákàtí díẹ̀. Nínú eku tí wọ́n fi ṣàyẹ̀wò, E. kólì tí wọ́n gba ìbòrí K1 lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí òkìtì yẹn kó jọ dáadáa. Inú ibẹ̀, ìtọ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun ò rí i, ọ̀pọ̀ oògùn ò sì ràn án tó bó ṣe yẹ.

Èrò tó wà nídìí mánósì mọ́gbọ́n dání: kí ṣúgà tó wà nínú ìtọ̀ ti gba ẹnu irun náà kó tó kan ara. Kíndìnrín wa pàápàá ń ṣe puroteéènì kan tó gbé mánósì, ó sì ń dà á sínú ìtọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ìdìmú mánósì lásán kò lágbára, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ èyí tó ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ní 2024, ìwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún obìnrin bí 600 tí àrùn yìí ń padà bá ní mánósì tàbí ìyẹ̀fun mìíràn tí kò ní mánósì nínú fún oṣù mẹ́fà. Ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo mánósì ló tún lọ rí dókítà nítorí àrùn náà, ìdá 56 nínú àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ yẹn kéré jù láti gbára lé.

Ohun tí màá fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé, tó bá tún ta yín, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbin ìtọ̀ yín wò ní yàrá àyẹ̀wò, láti mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀ àti oògùn tó ń pa á, kí ẹ tó gbé oògùn kankan mì, kí ẹ sì tọ́jú èsì ti tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ parí oògùn ló padà, tí àwọn oògùn tó ń pa á sì jẹ́ ọ̀kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó sá pamọ́ ló jáde. Dókítà yín á yí oògùn tàbí iye ọjọ́ rẹ̀ padà. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tuntun ló sábà máa ń wá láti inú ìfun. Tí nǹkan oṣù yín bá ti dáwọ́ dúró, ẹ béèrè nípa ìpara ẹ́sítírójìn tí wọ́n ń fi sójú ara. Àmọ́ tí ibà pẹ̀lú òtútù tó ń gbọ̀n yín bá dé, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ń dùn yín, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an: àwọn E. kólì kan ní irun oríṣi mìíràn tó ń di ṣúgà ara kíndìnrín mú.