Àdáni ni tàbí ti ìjọba? Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ ní aago méjì òru

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Oyún kejì mi rèé, ó ti pé oṣù méje. Gbogbo àyẹ̀wò ló dára, àkọ́bí mi náà sì wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Ilé ìwòsàn àdáni tó wà nítòsí wa wọ́n, àmọ́ kíákíá ni wọ́n máa ń dáni lóhùn. Ti ìjọba dínwó, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀, àárọ̀ la máa jókòó títí di ọ̀sán. Ìbí wẹ́rẹ́ náà ni mo sáà ń retí. Èwo ni kí n yàn?

Ìdáhùn: A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n di gbólóhùn yín tó kẹ́yìn mú ṣinṣin, nítorí mo ń gbọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì, ó sì ti sú mi. Kò sí dókítà, kò sí agbẹ̀bí, kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè sọ fún yín lónìí pé wẹ́rẹ́ lẹ máa bí. Ẹ̀yìn ìbí la tó ń mọ̀ pé ìbí rọrùn. Ohun tí àyẹ̀wò yín ń sọ ni pé títí di báyìí, a ò tíì rí ewu kankan. Mo bá yín yọ̀ lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ewu ò lè yọjú. Àwọn tó gbà pé nǹkan kan náà ni wọ́n, àwọn ló ń fi ìtura àga àti ìyára nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà yan ibi tí wọ́n máa bímọ sí.

Nínú gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò dáadáa: ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbí. Nígbà tí oyún bá ti gbó, bí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gba ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí ibi ọmọ bá ti já kúrò lára ilé ọmọ, ẹnu àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ á wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ohun tó ń pa wọ́n dé ni pé ilé ọmọ fúnra rẹ̀ á sún kì, á le gbagidi, á sì fún wọn pa. Bó bá rọ̀ tí kò sún kì, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Nínú obìnrin mẹ́wàá tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn lẹ́yìn ìbí, nǹkan bíi méje ló jẹ́ pé ilé ọmọ tó rọ̀ ló fà á. A mọ àwọn kan tó sún mọ́ ewu yìí ju àwọn yòókù lọ, bí ẹni tó lóyún ìbejì, tàbí ẹni tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣẹlẹ̀ sí ni kò ní àmì kankan lára tẹ́lẹ̀. Àyẹ̀wò wọn dára bíi tiyín.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bímọ ní aago kan òru. Ọmọ ké, ibi jáde, gbogbo ilé yọ̀. Ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, aṣọ abẹ́ rẹ̀ ti rin. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ojú lásán wo ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ìbí ni, nítorí aṣọ àti fóòmù ń mu ún, ojú sì máa ń fojú kéré rẹ̀ gan-an. Níbi tí wọ́n bá tẹ́ ọ̀rá tó ní ìlà ìwọ̀n sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á rí i pé ó ti ń sún mọ́ 500 mílílítà, ìyẹn ìwọ̀n tí a ń pè ní ìsun ẹ̀jẹ̀ tó ti di ewu. Ẹnì kan á máa fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀ kí ilé ọmọ lè le. Ẹlòmíràn á fa omi sí i lára, á fi ọ́sítósìn sí i (oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì), á sì rọra fún un ní gíráàmù 1 oògùn tíránẹsámíìkì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dì tún yọ́. Ó ti gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ̀ láàárín wákàtí 3 lẹ́yìn ìbí. Wọ́n á gbọn ìtọ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n á wò ó bóyá ojú ara rẹ̀ ya, bóyá ibi ṣẹ́ kù sínú. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni gbogbo èyí fi ń ṣẹlẹ̀, wọn kì í ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tún máa wo ohun tó máa yọrí sí. Ẹ sì ti rí i pé ọwọ́ ẹnì kan ò lè tó o.

Ẹ wá gbé obìnrin yẹn gan-an lọ síbi tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan péré ló wà níbẹ̀ lóru, tí dókítà wà nílé rẹ̀. Ọ́sítósìn wọn ti wà lórí tábìlì nínú ooru tipẹ́tipẹ́. Inú fíríìjì ló yẹ kó wà, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ooru ti gba agbára rẹ̀, wọ́n gún un ní méjì, kò ṣiṣẹ́. Ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dókítà dé, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ síbi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Wọ́n ń wá mọ́tò. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le lè pa ènìyàn láàárín wákàtí méjì, ẹ sì ti rí iye tó ti lọ níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò sọ èyí tó jẹ́ àdáni nínú ibi méjèèjì yẹn. Ó lè jẹ́ èyíkéyìí. Mo mọ ilé ìwòsàn àdáni tí nǹkan wọn pé, mo sì mọ ibùdó ìlera ìjọba tí kò ní fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà jáde. Níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá ìwọ̀n wọn ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe àwọn ìtọ́jú tí mo kà sílẹ̀ yìí papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí a bá ka ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ àti ikú tó ń tìdí ẹ̀ wá pọ̀, wọ́n fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ọ̀rá lásán àti ètò ni, kì í ṣe ilé aláràbarà.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ibi méjèèjì, ẹ sì béèrè. Ní aago méjì òru, èèyàn mélòó tó mọ iṣẹ́ agbẹ̀bí ló máa wà nínú ọgbà, ṣé dókítà ń sùn síbẹ̀ ni àbí wọ́n máa pè é láti ilé? Níbo ni ọ́sítósìn wà, kí ló sì ń gbé fíríìjì náà ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ? Bí mo bá nílò ẹ̀jẹ̀, láti ibo ló ti ń wá, ìṣẹ́jú mélòó ló sì máa gbà kó tó wọ ara mi? Bó bá di iṣẹ́ abẹ lóru, ṣé ẹ̀ ń ṣe é níbí, ta ló máa fún mi ní abẹ́rẹ́ tí mi ò fi ní mọ ìrora? Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi báàgì àti ìbòmú tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ tí kò ké hàn yín. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọ máa balẹ̀ sí ló yẹ kó wà, nítorí láàárín ìṣẹ́jú kan ló ti yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Bó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, kò wúlò. Ilé ìwòsàn tó dára kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí.

Ní ti owó, iye tí àdáni dá lé yín sábà máa ń jẹ́ ti ìbí tó bá lọ geere nìkan. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé: iye alẹ́ mélòó ló wà nínú rẹ̀, èló ni iṣẹ́ abẹ, èló ni ẹ̀jẹ̀, èló ni ìtọ́jú ọmọ bó bá nílò atẹ́gùn ọ́síjìn, ṣé wọ́n máa dá owó tí ẹ fi sílẹ̀ padà bí wọ́n bá gbé yín lọ síbòmíràn. Ẹni tí wọ́n gbé kúrò ní àdáni lọ sí ti ìjọba láàárín òru sábà máa ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sì rò ó tẹ́lẹ̀. Ti ìjọba náà, ẹ gba ìwé àwọn nǹkan tí wọ́n máa ní kí ẹ rà wá, kí ẹ sì rà á kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 36.

Ìdúró tí ẹ ń rojọ́ rẹ̀, ti àyẹ̀wò oyún ni. A kì í to ìlà nínú yàrá ìrọbí; ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ la máa ń dá lóhùn. Ìṣòro èrò níbẹ̀ yàtọ̀: agbẹ̀bí kan lè máa tọ́jú obìnrin púpọ̀ jù. Bí ìrọbí bá ti múná, ó yẹ kí wọ́n máa gbọ́ ọkàn ọmọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn, àti ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún bí ẹ bá ti ń tì í. Lẹ́yìn ìbí, fún wákàtí méjì, kí wọ́n máa fọwọ́ kan ikùn yín ní ìṣẹ́jú 15 sí ara wọn, kí wọ́n sì máa wo ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá yín. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ráyè ṣe é, àti bóyá wọ́n gba ẹnì kan láyè láti dúró tì yín. Ẹni yẹn lè pe nọ́ọ̀sì nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wo ọ̀dọ̀ yín.

Ìyára ti àdáni náà, ẹ má fi gbogbo ẹnu yìn ín. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ́sítósìn sínú omi láti fi lé ìrọbí eré, kí yàrá lè ṣófo. Oògùn náà ní ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó jókòó ti ìyá tó ń ka ìrora, tí ìrora náà fi ju márùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ kò ní rí atẹ́gùn gbà dáadáa mọ́, ilé ọmọ sì lè ya. Bí wọ́n bá fẹ́ fi sí i fún yín, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ àti ẹni tó máa dúró tì yín.

Bí ibi méjèèjì bá dáhùn dáadáa, ẹ yan èyí tí àpò yín gbé. Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn tó dán mọ́rán gbà ní àdáni, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ti ìjọba tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀. Bó bá wù yín, ẹ lè máa ṣàyẹ̀wò ní àdáni, kí káàdì yín sáà wà lọ́wọ́ yín. Mi ò tíì fojú kàn yín, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tọ́jú yín ló borí tèmi. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ bí rí, ẹni tó lóyún ìbejì, ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga, tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbé ìdí wálẹ̀, kò ní ohun tó ń yàn: ilé ìwòsàn ńlá ni kó lọ.

Bí ẹ bá sì ti bí tán, ó kéré tán kí ẹ lo wákàtí 24 níbẹ̀, kódà bí ara yín bá le koko tí wọ́n sì ń wá bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá délé tí páàdì kan rin gbindin láàárín wákàtí kan, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ padà lọ́gán, ẹ má dúró di àárọ̀.