Ṣíìfù Ẹgisẹ́kútífù ìjọba kì í ṣe ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ aládàáni

“Mo jẹ́ Ṣíìfù Ẹgisẹ́kútífù Ọ́físà ní ẹ̀ka ìṣírò owó iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Àbújá. Mo fẹ́ fi síìfíì ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Ṣé kí n kọ oyè mi síbẹ̀ bó ṣe wà?”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú lẹ́tà ìgbéga yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kó dá dúró. Nígbà tí mo kúrò ní Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀, irú oyè yìí ló wà lórí síìfíì tèmi náà, iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà sì pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni bí mo ṣe ń jíhìn fún ìgbìmọ̀ olùdarí. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ìpele iṣẹ́ ìjọba ni ojú wọn ń yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n ta ayédèrú ọjà fún, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kankan nínú oyè náà kì í ṣe irọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ni ọ̀gá tó ga jù lọ ní gbogbo iléeṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ìpele 14 ni. Olùrànlọ́wọ́ olùdarí wà lókè yín ní 15, igbákejì olùdarí ní 16, olùdarí ní 17, kí a tó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti jogún ètò yìí. Wọ́n pín òṣìṣẹ́ ìjọba wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́ta: àwọn adimínísítírétífù tó ń gbèrò ìlànà, àwọn ẹgisẹ́kútífù tó ń mú ìlànà náà ṣẹ, àti àwọn akọ̀wé kéékèèké. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jáde ní yunifásítì fi ń wọlé lọ́dọ̀ wa bí Adimínísítírétífù Ọ́físà tàbí Akáńtáǹtì ní ìpele 8, tó sì lè gun àtẹ̀gùn náà dé ipò olùdarí, nígbà tí ẹni tó jáde ní Pólì ń gba ẹ̀ka ẹgisẹ́kútífù, tí ìpele 14 sì jẹ́ òpin ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ wọn láti ọdún pípẹ́. Èyí kò dára tó lójú tèmi, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Lọ́ńdọ̀nù tún lọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju Amẹ́ríkà lọ. Lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ Fulton, tó yẹ iṣẹ́ ìjọba wọn wò, ní ọdún 1968, Gẹ̀ẹ́sì da àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò parẹ́. Lónìí, Adimínísítírétífù Ọ́físà wà nísàlẹ̀ Ẹgisẹ́kútífù Ọ́físà nínú iṣẹ́ ìjọba wọn. Ẹni tí ó bá fi ojú oyè nìkan wo àwọn méjèèjì tó wá láti Àbújá yóò gbé wọn sí òdìkejì ibi tó yẹ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe pa oyè náà dà sí èyí tó dùn létí, nítorí pé wọ́n lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ yín láti wádìí. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti kọ gbólóhùn kan bí èyí: “Ìpele 14 nínú ètò tó dé 17, mò ń jíhìn fún olùrànlọ́wọ́ olùdarí, mò ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ fáọ́ṣà ìsanwó wò.” Ẹ fi iye òṣìṣẹ́ náà àti iye owó tí ẹ lè buwọ́ lù kún un. Ìpele nìkan kò tó, nítorí pé àwọn àjọ ìjọba kan ní ètò owó oṣù tiwọn.

Bí iṣẹ́ bá wá jáde, ẹ óò tún bá àdánwò kejì pàdé, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n pè yín ní Ánálísìtì tàbí Asósíéètì. Ní báńkì ìdókòòwò ní Niu Yọ́ọ̀kì, Ánálísìtì ni ọmọ tuntun láti yunifásítì, Asósíéètì sì wà lókè rẹ̀. Ní McKinsey náà, iléeṣẹ́ tó ń gba àwọn iléeṣẹ́ mìíràn nímọ̀ràn, Asósíéètì ni ẹni tó ti gboyè kejì nínú ìṣòwò. Ṣùgbọ́n ní Boston Consulting Group, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ọmọ tuntun láti yunifásítì ló ń jẹ́ Asósíéètì. Ní Walmart, ẹni tó ń to ọjà sórí pẹpẹ náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sì yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nígbà tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú ń jẹ́ Ẹgisẹ́kútífù Tíréénì ní báńkì tó wà ní Wúsè.

Kí ẹ tó dá wọn lóhùn lórí owó, ẹ ní kí wọ́n kọ ìpele iṣẹ́ náà sínú lẹ́tà, kí wọ́n sọ oyè ẹni tí ẹ óò máa jíhìn fún àti oyè tó wà nísàlẹ̀ tiyín gan-an. Bí wọ́n bá ní kò sí oyè kankan nísàlẹ̀, a jẹ́ pé iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni wọ́n fi lọ̀ yín, ìgbà náà sì ni ẹ lè sọ pé ìrírí yín ju bẹ́ẹ̀ lọ.