Ìwé àdéhùn dátà kò sọ àkọsílẹ̀ aláìsàn di tiyín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn. Ilé ìwòsàn ojú kan máa ń kó orúkọ àti nọ́ńbà àwọn aláìsàn wọn fún mi, kí n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí n sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán wọn létí ọjọ́ tí wọ́n máa wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé àdéhùn kan wá lórí dátà pé kí n fọwọ́ sí i. Ẹnì kan ní tí mo bá ti fọwọ́ sí i, àkọsílẹ̀ yẹn ti di tèmi, mo lè fi polówó jígí ojú tí àbúrò mi ń tà. Kí ni ìwé yìí ní kí n máa ṣe gan-an?

Ìdáhùn: Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín fẹ́ kó yín sí wàhálà. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Torí kó lè hàn pé àkọsílẹ̀ náà kì í ṣe tiyín ni wọ́n ṣe kọ ìwé ọ̀hún. Ẹni tó gbé aṣọ fún télọ̀ ní kó rán an ni, kò ní kó gbé e wọ lọ sóde. Lábẹ́ Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà tọdún 2023, ilé ìwòsàn ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi dátà náà ṣe, ẹ̀yin kàn ń bá wọn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni. Abala 29 ló sì ní kí àdéhùn wà ní kíkọ sílẹ̀ láàárín yín.

Ọjọ́ tí ẹ bá fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn polówó jígí, ẹ ti kúrò ní ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́, òfin á sì bi yín pé ta ló fún yín láyè. Aláìsàn fún ilé ìwòsàn ní nọ́ńbà rẹ̀ torí ojú tó ń dùn ún, kò fún yín. Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà lára dátà tí òfin dìídì fi ààbò tó le bò. Kí nọ́ńbà èèyàn kàn wà nínú ìwé ilé ìwòsàn ojú ti tó láti mọ̀ pé ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu. Fún ilé-iṣẹ́ tí òfin kò kà mọ́ àwọn ńláńlá, owó ìtanràn lè tó ₦2,000,000 tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ó lè mú ẹ̀yin náà, kì í ṣe ilé ìwòsàn nìkan.

Ohun tí ìwé náà ń béèrè ni pé kí ẹ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán yín, kí ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ àkọsílẹ̀ náà. Ẹ wo ibi tó wà ní ti gidi. Fáìlì wà lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo oníbàárà ń rí. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí Wásáàpù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Òmíràn wà lórí fóònù ọmọ tó ń bá yín tẹ̀wé. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni ìkànnì tí ẹ fi ń rán àtẹ̀jíṣẹ́: nọ́ńbà tí ẹ kó síbẹ̀ lóṣù tó kọjá lè ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn tó ni ìkànnì yẹn náà ń bá yín ṣiṣẹ́ lórí dátà, torí náà ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa wọn. Ẹ yọ ti fóònù ọmọ yẹn kúrò lónìí, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti fáìlì náà.

Ká ní wọ́n jí kọ̀ǹpútà yín lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ má dúró di ọjọ́ Ajé, ẹ má sì kọ́kọ́ máa wá a kiri. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá ti mọ̀ ni kí ẹ pe ilé ìwòsàn, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú: orúkọ mélòó ló wà nínú rẹ̀, kí ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ṣé kọ̀ǹpútà náà ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá lè pa àwọn aláìsàn lára, wákàtí 72 péré ni ilé ìwòsàn ní, láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀, láti sọ fún àjọ ìjọba tó ń mójú tó dátà. Wọn ò lè sọ ohun tí ẹ kò tíì sọ fún wọn.

Bí aláìsàn bá wá bá yín ní tààrà pé kí ẹ pa orúkọ òun rẹ́, ẹ má pa á rẹ́, ẹ darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Bí iṣẹ́ yín pẹ̀lú wọn bá parí, ẹ dá àkọsílẹ̀ padà tàbí kí ẹ pa á rẹ́ bí ìwé náà bá ṣe wí, títí kan ti orí ìkànnì àtẹ̀jíṣẹ́ àti ti inú Wásáàpù.

N kò tíì rí ìwé yín, nítorí náà kí agbẹjọ́rò tó wà nítòsí yín kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ ní kó wo ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo àdánù láìní gbèdéke, ohunkóhun tó wù kó fà á. Òfin kò sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ gba irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi gbèdéke sí i, kó sì jẹ́ àṣìṣe tiyín nìkan lẹ máa dáhùn fún.