Kọfí inú ìkòkò nígbà tí kò sí iná

“Ẹ jọ̀wọ́, iná ti lọ láti àná ní Ìkòròdú níbí. Kọfí lílọ̀, ìkòkò kan àti ife kan ni mo ní. Báwo ni mo ṣe lè pò ó tí kò fi ní korò, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò sì ní kún ẹnu mi?”

Ẹ kú ìfaradà. Ohun tó sábà ń mú un korò ni pé a máa ń jẹ́ kí kọfí hó lórí iná bí ẹni ń se àgbo. Ẹ se omi ife kan, bíi mílílítà 250, lórí sítóòfù. Bí ó bá ti hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ tó da ṣíbí ìjẹun mẹ́ta kọfí sí i. Ẹ rò ó, kí ẹ sì dé e fún ìṣẹ́jú 4. Kọfí yóò ti léfòó bí èèpá nígbà tí ẹ bá ṣí i. Ẹ tún un rò lẹ́ẹ̀kan kí ó lè rì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 kí ó tòrò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ẹ rọra dà á sínú ife, kí ẹ sì fi èyí tó kù nísàlẹ̀ sílẹ̀ fún ìkòkò.

Nígbà tí mo wà ní ilé àlejò kan ní Ẹ̀pẹ́, gbogbo èyí ni mo ṣe, síbẹ̀ ó korò, kò sì tòrò, nítorí pé kọfí ọwọ́ mi kúnná bí èlùbọ́. Èyí tó rí bíi gààrí ló dára jù. Bí tiyín bá kúnná, ìṣẹ́jú 2 ti tó kí ẹ tó tún un rò. Bí ó bá ń kan dípò kí ó korò, ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un.