Ìjábọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣírò owó oṣù: apá ti oníbàárà ńkọ́?

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ tí mo ń yẹ ìwé owó rẹ̀ wò ti gbé ìṣirò owó oṣù lé agbaṣẹ́ṣe kan lọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní ìjábọ̀ SOC 1, ìyẹn ìjábọ̀ lórí ìlànà tí agbaṣẹ́ṣe fi ń dènà àṣìṣe nínú iṣẹ́ tó kan ìwé owó oníbàárà rẹ̀, tí ayẹ̀wé-owó-wò agbaṣẹ́ṣe náà kọ, èrò rẹ̀ kò sì ní àbùkù. Ṣé mo lè fi í sínú fáìlì kí n kọjá sí iṣẹ́ mìíràn?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pa fáìlì náà dé. Ẹ kọ́kọ́ wo èèpo ìwé náà bóyá oríṣi kejì ni. Ohun tí oríṣi kìíní ń sọ kò ju pé ìlànà ìdènà àṣìṣe àti jìbìtì wà nílẹ̀, ó sì bójú mu, ní ọjọ́ kan pàtó. Kò sọ bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀lé e láti oṣù dé oṣù, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ìlànà náà ṣiṣẹ́. Nínú oríṣi kejì ni ayẹ̀wé-owó-wò ti dán àwọn ìlànà náà wò jálẹ̀ sáà kan, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ tí sáà yẹn parí. Ká ní ọdún ìṣirò oníbàárà yín parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, tí ìjábọ̀ náà sì dúró ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó dán nǹkan kan wò fún oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Agbaṣẹ́ṣe sábà máa ń fi lẹ́tà dí àlàfo yìí, pé kò sí ohun tó yí padà. Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn alákòóso agbaṣẹ́ṣe fúnra wọn ló kọ ọ́, wọn kò sì gbé e fún ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò. Ẹ mú òṣìṣẹ́ díẹ̀ nínú oṣù mẹ́ta náà, kí ẹ tún owó oṣù wọn ṣírò láti inú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn, kí ẹ sì fi àpapọ̀ owó oṣù kọ̀ọ̀kan wé ohun tó jáde ní báńkì.

Èrò tí kò ní àbùkù kò túmọ̀ sí pé wọn kò rí àṣìṣe. Ẹ ka apá tí wọ́n kọ èsì ìdánwò sí. Ẹ lè bá a níbẹ̀ pé nínú òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe 25 tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn 3 ṣì lè wọ inú ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èsì àwọn alákòóso yóò sọ pé wọ́n ti yọ wọ́n kúrò, ṣùgbọ́n ìbéèrè tiyín yàtọ̀: ǹjẹ́ àwọn mẹ́ta yìí lágbára láti pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì tí owó oṣù ń lọ, ṣé wọ́n sì wọlé láàárín àkókò náà? Ẹ ní kí oníbàárà yín bá yín gba àkọsílẹ̀ ìwọlé wọn.

Ibi tí àwa ayẹ̀wé-owó-wò ti ń kọsẹ̀ jù, lójú tèmi, ni ojú-ìwé tí wọ́n to ojúṣe oníbàárà sí, tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣí kọjá. Ohun tí agbaṣẹ́ṣe ń sọ níbẹ̀ ni pé ìlànà òun kò lè dá dúró bí oníbàárà kò bá ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan: agbaṣẹ́ṣe yóò fi àkójọ gbogbo àyípadà owó oṣù ránṣẹ́ lóṣooṣù, oníbàárà ni yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde. Ká ní ẹ béèrè ẹni tó ń ṣe é, ẹ wá rí i pé àpótí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ti òṣìṣẹ́ kan tó ti lọ ní oṣù Kẹfà ni àkójọ náà ń wọ̀, tí kò sì sẹ́ni tó ṣí i láti oṣù Keje. Agbaṣẹ́ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé, síbẹ̀ ẹni tó bá fi orúkọ ayédèrú ránṣẹ́ sí i yóò gbowó, nítorí ohun tí wọ́n bá fún un ló ń ṣírò.

Fún oṣù mẹ́fà yẹn, ìjábọ̀ náà kò lè gbè yín lórí àyípadà owó oṣù. Ẹ gba àkójọ oṣù Keje sí Kejìlá tààrà lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe, kí ẹ sì wá lẹ́tà ìgbéga tàbí ìgbanisíṣẹ́ tó gbe àyípadà kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Èyí tí kò bá ní lẹ́tà, ẹ wádìí bóyá ẹni náà wà, bóyá ẹlòmíràn sì ń lo nọ́ńbà àkáǹtì kan náà. Ẹ sọ fún àwọn alákòóso oníbàárà yín nínú lẹ́tà pé ojúṣe yìí ti já, nítorí àléébù tiwọn ni, kì í ṣe ti agbaṣẹ́ṣe.

Bí ìjábọ̀ náà bá sì sọ pé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ẹ̀rọ agbaṣẹ́ṣe wà, tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n dán wò, ẹ béèrè ìjábọ̀ tirẹ̀ náà, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èèpo ìwé.